OLED tòkunbọ̀ àbí LED tuntun: èwo la máa rí ẹni tú l'Òṣogbo?

Ìyá Ìbejì Gbódòfọ́n

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Tẹlifíṣọ̀n wa ti dákẹ́ láti ọjọ́ Sátidé. Bàbá Ìbejì ti rí OLED ińṣì 55 kan, tòkunbọ̀, nítòsí Ọlá-Ìyá. Owó kan náà ló máa ra LED tuntun ińṣì 50 tó jẹ́ sìmáàtì. Àwòrán OLED yẹn dùn ún wò, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n tó bá bàjẹ́, ta la fẹ́ gbé e fún l'Òṣogbo níbí? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kó tó lọ sanwó.

———

Ọmọ Ọlá-Ìyá

Màámi, ẹ ra OLED. Òun ni ọ̀gá gbogbo wọn. Kò ní báàkíláìtì, ìmọ́lẹ̀ tó máa ń wà lẹ́yìn ojú, báàkíláìtì yẹn gan-an ló sì máa ń jó nínú tẹlifíṣọ̀n. Ohun tí kò sí nínú ẹ̀rọ, báwo ló ṣe fẹ́ bàjẹ́? Tí ọwọ́ kò bá ká a, ẹ ra QLED. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

———

Ẹnjiníà Ìgbọ́nà

Àbúrò, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ ni mo gbà. Òótọ́ ni pé OLED kò ní báàkíláìtì, ojú páńẹ́lì fúnra rẹ̀ ló ń tàn. Àmọ́ má jẹ́ kí lẹ́tà Q yẹn tàn ọ́ jẹ. Tí mo bá tú QLED sórí tábìlì mi, àwọn gílóòbù wẹ́wẹ́ náà ni mo máa bá lẹ́yìn rẹ̀, bíi ti LED tí gbogbo wa mọ̀. Ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni wọ́n tẹ́ kún un kí àwọ̀ lè ta yọ. Ara páálí nìkan ni wọ́n ti jọ ọmọ ìyá.

Ìyá Ìbejì, àìsàn mẹ́ta ló sábà máa ń gbé tẹlifíṣọ̀n wá bá mi. Èkíní, ohùn ń jáde ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dúdú: báàkíláìtì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Èkejì, ó kú pátápátá, iná pupa kékeré kò tilẹ̀ tàn: ibi tí iná ti ń wọlé ló níṣòro. Ẹ̀kẹta, ọmọ ju rìmóòtù lù ú, ojú rẹ̀ fọ́. Méjì àkọ́kọ́ yẹn, ẹnjiníà tó bá mọṣẹ́ láti Ìgbọ́nà dé Òkè-Fìà máa ṣe é lára LED. Ẹ̀kẹta, ẹ má bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà, torí owó páńẹ́lì nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó odindi ẹ̀rọ.

OLED wá yàtọ̀. Tí ibi tí iná ti ń wọlé bá bàjẹ́ lára rẹ̀, a lè gbìyànjú. Ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ bá ti ń ṣá, páńẹ́lì ló ń ṣá yẹn, kò sí ohun tí mo fẹ́ yọ kí n fi tuntun rọ́pò. Méjì péré ni mo tú rí láyé mi. Mo dá méjèèjì padà fún olówó wọn bí wọ́n ṣe gbé e wá.

———

Tíṣà Alẹ́kúwodò

Ohùn ń jáde, ojú dúdú. Ẹ ti fọwọ́ kan ojú egbò mi.

Lọ́dún tó kọjá, à ń wo ìròyìn lọ́wọ́ lórí ińṣì 43 tèmi, ojú rẹ̀ bá paná, ọ̀gbẹ́ni tó ń ka ìròyìn sì ń kà á lọ nínú òkùnkùn. Tí mo bá pa á tí mo tún tàn án, àwòrán á yọ fìrí, á tún pòórá. Mo gbé e lọ fún ẹnì kan. Kò tú u o. Ó kàn tẹ rìmóòtù lẹ́ẹ̀mejì, ó mi orí, ó ní páńẹ́lì ti lọ, pé kí n má wulẹ̀ náwó sí i. Ó bá mi rà á lówó ẹran ìlaya. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá, mo rí tẹlifíṣọ̀n mi lára ògiri tó ń ṣeré. Sítíkà labalábá tí ọmọ mi lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

———

Ẹnjiníà Ìgbọ́nà

Áà, Tíṣà, ẹ pẹ̀lẹ́. Irú àwọn wọ̀nyí ló ń ba iṣẹ́ wa jẹ́.

Àwòrán tó ń yọ fìrí yẹn ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé tirẹ̀ jáde nílé, ẹ jẹ́ kó di alẹ́. Ẹ pa iná yàrá, ẹ tan tẹlifíṣọ̀n kí ohùn máa jáde, kí ẹ wá gbé tọ́ọ̀ṣì fóònù sún mọ́ ojú rẹ̀ gan-an, kó fara ti ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ tẹjú mọ́ ibi tí ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí. Tí ẹ bá rí òjìji àwọn èèyàn tó ń rìn níbẹ̀, tó rí bàìbàì bí ẹni tó wà lẹ́yìn kọ́tìnì, páńẹ́lì ṣì wà láàyè. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ló kú. Ẹ jẹ́ kí ẹnjiníà náà ṣe é lójú yín kó tó sọ owó.

Irú rẹ̀ kan wọlé láti Òkè-Báálẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ińṣì 43 náà ni. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wò ó, òjìji ń rìn. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi la jọ gbé páńẹ́lì kúrò, torí ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́ gan-an nìyẹn. Gíláàsì yẹn kò nípọn, etí rẹ̀ sì ní àwọn rẹ́bẹ́tẹ́ wáyà pẹlẹbẹ tó so ó mọ́ bọ́ọ̀dù. Tí ọ̀kan bá ya, ìlà gbọọrọ kan máa dúró sójú tẹlifíṣọ̀n náà, kò ní lọ mọ́. A tẹ́ gíláàsì náà sórí fóòmù tó mọ́, a ká àwọn ike funfun abẹ́ rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, a wá kan ọ̀pá gílóòbù mẹ́ta.

Gílóòbù kan ṣoṣo ló dúdú. Ẹyọ kan o. Ṣùgbọ́n bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ni wọ́n ṣe sìn wọ́n: tí okùn bá já níbì kan, gbogbo rẹ̀ ló dà sílẹ̀. Bọ́ọ̀dù máa ń tan ìmọ́lẹ̀ fìrí, á rí i pé iná kò yí ká, á sì pa gbogbo rẹ̀ kó má baà jó.

Olówó rẹ̀ ní kí n pààrọ̀ ẹyọ kan yẹn. Mo kọ̀. Àwọn tó kù jọ dàgbà ni, ọ̀kan á tún kú láàárín oṣù díẹ̀, yóò sì sọ pé ẹnjiníà Ìgbọ́nà ló gbá òun. Mo ka nọ́ńbà ara ọ̀pá, mo rán sí Alábà l'Ékòó, ọ̀pá mẹ́ta tuntun wọlé lọ́jọ́ kejì. Mo wá yọ rẹ̀sítọ̀ kékeré kan lára àwọn tó ń díwọ̀n iná fún báàkíláìtì, kí iná tí àwọn tuntun ń gbà lè dín kù. Ìmọ́lẹ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀. Olówó rẹ̀ kò mọ̀ títí mo fi sọ fún un. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú márùn-ún owó tuntun. Ẹ má dán ti rẹ̀sítọ̀ yẹn wò nílé o, iná tó wà níbẹ̀ lágbára.

———

Bàbá Fọlá

Ẹ̀yin ọmọ yìí, mò ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, kò yé mi. Páńẹ́lì wo ló ń fọ́? Tèmi wà lórí òrùlé láti ọdún mẹ́rin, yìnyín rọ̀ lé e lórí, kò fọ́. 300 wáàtì ni. Ó ń gbé tẹlifíṣọ̀n, ó ń gbé fáànù.

———

Ẹnjiníà Ìgbọ́nà

Bàbá, ẹ kú ilé sà. Páńẹ́lì ojú tẹlifíṣọ̀n là ń sọ, kì í ṣe ti oòrùn. Ṣùgbọ́n ẹ ti rán wa létí nǹkan kan: wáàtì wà lẹ́yìn gbogbo tẹlifíṣọ̀n. LED ińṣì 43 sábà máa ń jẹ bíi 60 sí 100. Ẹni tó ní ínfátà, kó kà á kó tó sanwó.

———

Bàbá Fọlá

Ó ti yé mi. Ẹ̀bi yín ni, ẹ ò sọ páńẹ́lì èwo.

———

Dókítà Dada Estate

Mo fẹ́ ta ko ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà díẹ̀. OLED ni mò ń lò, tòkunbọ̀ náà ni, ó ti lé lọ́dún mẹ́ta. Kò sí òjìji àwòrán àtijọ́ kankan tó lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀. Dúdú rẹ̀ dúdú bí kóró iṣin. Ẹ̀yin ẹnjiníà, tèyí tó bàjẹ́ nìkan lẹ máa ń rí. Ta ló ń gbé èyí tó ń ṣiṣẹ́ wá bá yín?

———

Ẹnjiníà Ìgbọ́nà

Ọ̀rọ̀ yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, Dókítà. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ṣé iná máa ń lọ nílé yín?

———

Dókítà Dada Estate

Ínfátà ń gbà á kó tó lọ. Kí ló kàn án?

———

Ẹnjiníà Ìgbọ́nà

Òun ló kàn án jù. OLED máa ń fúnra rẹ̀ tún ojú ṣe. Tí ẹ bá ti wò ó tó bíi wákàtí mẹ́rin, tí ẹ wá fi rìmóòtù pa á, kò sùn lóòótọ́. Ó máa ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹ ojú rẹ̀ wò níbi tó ti ṣá ju ibòmíràn lọ, á sì fi iná díwọ̀n rẹ̀ kó lè dọ́gba. Ìgbà tí iná bá ṣì wà lára rẹ̀ nìkan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ilé tí iná ti ń lọ láìròtẹ́lẹ̀, tàbí tí ìyá àgbà máa ń yọ púlọ́ọ̀gì kó tó sùn torí mànàmáná, kò ráyè ṣe é. Ẹ kó wákàtí bọ́ọ̀lù jọ lé e, tí nọ́ńbà góòlù jókòó sí igun kan náà láti 90 ìṣẹ́jú dé 90 ìṣẹ́jú. Igun yẹn á ṣá, kò sì sí ẹnjiníà tó máa wò ó sàn.

Nítorí náà, ní ilé tiyín, n kò ní bá yín jiyàn. Ní Gbódòfọ́n, kí Ìyá Ìbejì sọ bí iná wọn ṣe rí.

———

Ìyá Ìbejì Gbódòfọ́n

Iná? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. A ò ní ínfátà. Èmi gan-an ni mo máa ń yọ púlọ́ọ̀gì.

———

Ọmọ Ọlá-Ìyá

Sitebiláísà ló yanjú ìyẹn o. Ẹ so ó mọ́ sitebiláísà ńlá, kò séwu mọ́.

———

Tíṣà Alẹ́kúwodò

Sitebiláísà ló jó tẹlifíṣọ̀n àbúrò mi.

———

Ẹnjiníà Ìgbọ́nà

Ẹ wo ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n yín, ọ̀pọ̀ wọn ni ẹ máa rí 100-240V lára rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé iná tó lọ sílẹ̀ kì í pa á, ó ti ní ohun tó ń gbà á. Ohun tó ń pa á ni iná tó ga. Tí wáyà nútírà bá já lórí òpó, ohun tó lé ní 350V lè wọ ilé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Sitebiláísà tí ọmọ yìí sọ kò yára tó láti mú irú ìyẹn. Ìgbà tó bá fi máa ta kọ́ọ́, ó ti kọjá. Èyí tí èmi ń ní kí wọ́n rà ni ẹ̀rọ kékeré tó máa ń gé iná kúrò tó bá ga ju, tó sì máa ń dúró ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí iná bá dé kó tó tún gbà á. Owó rẹ̀ kò tó ti sitebiláísà.

———

Ọmọ Ọlá-Ìyá

Ẹ̀gbọ́n, bàbá mi ti ń lo sitebiláísà láti ìgbà tẹlifíṣọ̀n onídìí ńlá. Kò sí èyí tó jó rí. Mi ò gbà.

———

Ẹnjiníà Ìgbọ́nà

Dúró lórí tìẹ. Tẹlifíṣọ̀n onídìí ńlá nílò rẹ̀ lóòótọ́, torí iná kékeré máa ń mú àwòrán rẹ̀ fún pọ̀. Ìyẹn ti kọjá.

———

Ìyá Ìbejì Gbódòfọ́n

Ẹ ti gbàgbé ti sìmáàtì. Ẹni tó ń ta LED ní Òkè-Fìà ń sọ fún mi pé èyí tí kò bá ní Google TV kò tọ́ sí owó. Ẹlòmíì ní kí n ra èyí tó ń lo VIDAA. Àwọn ìbejì fẹ́ràn kàtúùnù orí YouTube, ìyẹn nìkan la nílò.

———

Ọmọ Ọlá-Ìyá

Google TV, màámi. Áàpù tó pọ̀ wà lórí rẹ̀.

———

Ẹnjiníà Ìgbọ́nà

Lórí èyí, ojú ẹni tó máa tún un ṣe ni màá fi wò ó.

Nínú ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n olówó pọ́ọ́kú, bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ló wà. Ibi tí iná ń gbà wọlé, ohun tó ń bọ́ báàkíláìtì àti ọpọlọ sìmáàtì, orí rẹ̀ ni gbogbo wọn jókòó sí. Tí mànàmáná bá jó o tó kọjá àtúnṣe, tí a kò sì rí irú rẹ̀ gan-an l'Álábà, bọ́ọ̀dù yunifásà, èyí tó ń bá oríṣiríṣi tẹlifíṣọ̀n mu, la máa ń fi sí i. Àwòrán á yọ, ohùn á jáde, ṣùgbọ́n sìmáàtì ti lọ. Rìmóòtù yín náà ti di ohun ìṣeré ọmọdé, ẹ máa gba tuntun. Fún ińṣì 32, bọ́ọ̀dù yunifásà kún ìgboro. Fún ińṣì 50 tí wọ́n kọ 4K sí lára, wáyà tó ń gbé àwòrán lọ sí páńẹ́lì rẹ̀ kì í ṣe irú kan náà, yunifásà tó pọ̀ nílẹ̀ kò bá a mu. Dandan ni kí a wá bọ́ọ̀dù tirẹ̀ gan-an.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi ń sanwó gọbọi torí sìmáàtì. Ọpọlọ rẹ̀ máa ń darúgbó kí ojú tó darúgbó. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, áàpù á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra, ọ̀kan á ní òun kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ máa ra ọ̀pá sìmáàtì kékeré tí wọ́n ń kì bọ HDMI, YouTube á padà. Ẹ má gba iná rẹ̀ láti ojú USB tẹlifíṣọ̀n o, kò sábà tó o, á máa pa, á máa tàn. Ṣájà fóònù ni kí ẹ fi sí i.

Ti dátà náà wà níbẹ̀. Netflix fúnra rẹ̀ sọ pé wákàtí kan lè jẹ gígì 3 tí àwòrán bá dára, tó bá wá jẹ́ 4K, 7. Tẹlifíṣọ̀n 4K tí ẹ kò ní ráyè bọ́, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?

———

Dókítà Dada Estate

Mo fara mọ́ ti ọ̀pá yẹn. Sìmáàtì webOS ló wà nínú tẹlifíṣọ̀n mi, mi ò ṣí webOS yẹn mọ́.

———

Tíṣà Alẹ́kúwodò

Ẹnjiníà, ìbéèrè kan. Tèmi tuntun ti wà nílé. Báwo ni n kò ṣe ní pàdánù báàkíláìtì lẹ́ẹ̀kejì? Mo ti dín Brightness kù sí 40, àwòrán wá ṣókùnkùn, ọmọ ń bínú.

———

Ẹnjiníà Ìgbọ́nà

Ẹ dá a padà síbi tó wà. Lára ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n, Brightness yẹn kò kan gílóòbù rárá, dúdú inú àwòrán ló ń gbé sókè gbé wálẹ̀. Èyí tí ẹ ń wá ni Backlight. Bí wọ́n ṣe gbé e jáde nílé iṣẹ́, 100 ló sábà máa ń wà, kó lè dán nínú ṣọ́ọ̀bù. Nínú pálọ̀ yín, 60 tó, lálẹ́ 50 tó. Lára àwọn kan ni Brightness ti jẹ́ gílóòbù gan-an, tí ohun tó ń gbé dúdú ń jẹ́ Black Level. Ẹ fi ojú dá a mọ̀: tí ẹ bá dín in kù tí funfun àti dúdú jọ lọ sílẹ̀, gílóòbù nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ibi tó dúdú nínú àwòrán nìkan ló ń gbé mì, kì í ṣe òun.

Tí ẹ bá sì rí kóró ìmọ́lẹ̀ róbótó bí ẹyọ owó lójú rẹ̀, ike ìbòrí gílóòbù kan ti bọ́ nínú. Kò pa á, àtẹ̀ ló já. Ẹ gbé e wá kó tó di méjì.

———

Ìyá Ìbejì Gbódòfọ́n

Bàbá Ìbejì ka gbogbo rẹ̀. Ó ní Ẹnjiníà ń polówó ọjà ara rẹ̀. Ó ṣì fẹ́ lọ san owó OLED lọ́la. Kí ni kí n wò?

———

Ẹnjiníà Ìgbọ́nà

Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ má bá wọn jà, ẹ tẹ̀ lé wọn lọ. Lálẹ́ òní, ẹ fi fóònù ṣe àwòrán mẹ́rin tí kò ní nǹkan kan nínú: eérú, pupa, ewé àti búlúù. Ẹ kó wọn sínú fíláàṣì. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ó fi fídíò òdòdó àti omi han yín, ìyẹn lè bo gbogbo àbùkù mọ́lẹ̀. Ẹ ki fíláàṣì bọ USB, ẹ ṣí àwòrán eérú, kó kún ojú rẹ̀, ẹ rìn sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ wo àwọn igun àti ìsàlẹ̀ níbi tí àkọlé ìròyìn máa ń gbà kọjá. Ẹ wá ṣí pupa. Ọ̀pọ̀ òjìji máa ń fara hàn níbẹ̀. Tí ẹni náà bá kọ̀ pé kí ẹ má ki nǹkan bọ ẹ̀rọ òun, ẹ ti rí èsì.

———

Ìyá Ìbejì Gbódòfọ́n

A ti dé. Ẹni náà kò kọ̀, ó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí mi. Eérú wà, mi ò rí nǹkan kan. Mo ṣí pupa. Ní igun òkè lọ́wọ́ ọ̀tún, àpótí kékeré kan yọ, àmì ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n òyìnbó kan, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè kà á. Àwọn tó lò ó lọ́hùn-ún ti wo ìròyìn gan-an. Bàbá Ìbejì ní tí bọ́ọ̀lù bá ń lọ, ta ló máa wo igun? Onítọ̀hún bá yọ díẹ̀ kúrò nínú owó lójú ẹsẹ̀.

A kò tíì san nǹkan kan. Wọ́n lọ wo LED Òkè-Fìà báyìí, èmi dúró níta pẹ̀lú fíláàṣì lọ́wọ́. Ẹnjiníà, ti LED, àwọ̀ wo ni kí n kọ́kọ́ ṣí?

———

Ẹnjiníà Ìgbọ́nà

Ẹ ṣe funfun kan kún un. Òun lẹ máa fi rí àbàwọ́n àti kóró ìmọ́lẹ̀. Kó tan án fún ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì dúró ní ẹ̀gbẹ́, kí ẹ wò ó bí ẹni tó jókòó sórí àga tó wà létí ògiri: àwọ̀ àwọn páńẹ́lì kan máa ń ṣá tí ẹ bá kúrò níwájú wọn. Ìbejì méjì kò lè jókòó síwájú lẹ́ẹ̀kan náà.